Àwòrán ojú fóònù bí ẹ̀rí: kí ló ń mú kí wọ́n gbà á gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe àwòrán ojú fóònù kan fún yín, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní sikirinṣọ́ọ̀tù. Wọ́n ti gé òkè rẹ̀ kúrò, nítorí náà aago àti bátìrì tó máa ń hàn lókè fóònù kò sí níbẹ̀ mọ́. Orúkọ tó wà lórí ìtàkùrọ̀sọ náà ni "Bàbá Máṣíìnì". Lábẹ́ orúkọ yẹn, láàárín gbùngbùn, `Today` ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló tẹ̀ lé e:

"Ẹ san ìdajì báyìí, ẹ ó san ìyókù nígbà tí ẹ bá gba máṣíìnì."

"Ìgbà wo ni mo máa gbà á, sà?"

"Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, màá dá owó yín padà."

"Ó dáa sà. Mo ti fi owó náà ránṣẹ́."

Obìnrin tó ya àwòrán yìí kò purọ́. Máṣíìnì ìránṣọ àlòkù ló fẹ́ rà. Ó bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù, wọ́n fẹnu kò, ó sì fi ìdajì owó ránṣẹ́ láti inú áàpù báńkì rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2024. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 30 oṣù yẹn, máṣíìnì kò tíì dé. Ọkùnrin náà wá sọ pé òun kò dá ọjọ́ kankan fún un, pé owó tó wọlé sọ́wọ́ òun, gbèsè àtijọ́ tí obìnrin náà jẹ òun ló fi san. Obìnrin náà gbé àwòrán rẹ̀ síwájú àwọn tó fẹ́ bá wọn parí ìjà, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Àwọn náà wò ó, wọ́n sì bi í pé, "Ta ni Bàbá Máṣíìnì? `Today` wo nìyí?"

Àpẹẹrẹ ni mo fi obìnrin yìí ṣe, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì máa ń dùn mí gan-an, torí pé ẹni tó ń sọ òótọ́ ni kì í rántí pé òun máa nílò ẹ̀rí. Onírọ́ ló máa ń múra sílẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó yé wa ni pé àwòrán ojú fóònù kì í ṣe ìtàkùrọ̀sọ náà fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe owó tí a san. Àwòrán ohun tó wà lójú gíláàsì ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni. Fóònù kì í bèèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kó tó yà á. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, á yà á. Bó bá jẹ́ ayédèrú, bákan náà ni yóò ṣe yà á, kò sì ní sí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn méjèèjì. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá wà nínú àwòrán náà, ẹnu lásán ni: ó ń sọ pé lágbájá ló sọ ọ́, pé ọjọ́ báyìí ni, pé iye báyìí ni. Ohun tó ń sọ ọ́ di ẹ̀rí tí èèyàn lè gbára lé ni bí ẹlòmíràn bá lè yẹ ohun tó ń sọ wò níbi tí ọwọ́ ẹni tó yà á kò dé. Nọ́ńbà fóònù ṣeé yẹ̀ wò. Nọ́ńbà ìtọ́kasí owó ṣeé yẹ̀ wò ní báńkì. "Bàbá Máṣíìnì" kò ṣeé yẹ̀ wò níbikíbi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ yẹn. Orúkọ tó máa ń wà lókè ìtàkùrọ̀sọ Wásáàpù ni orúkọ tí ìwọ fúnra rẹ fi pa nọ́ńbà náà mọ́ sínú fóònù rẹ. Bí mo bá mú fóònù ẹ̀gbọ́n mi, tí mo fi orúkọ ọ̀gá mi pa nọ́ńbà rẹ̀ mọ́, tí mo wá jókòó ti fóònù méjì, tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti ọ̀kan sí èkejì, ohun tó máa jáde ni ìtàkùrọ̀sọ èmi àti "ọ̀gá mi". N kò ní fọwọ́ kan áàpù ìtún-àwòrán-ṣe kankan. Lẹ́tà á bára mu, aago á bára mu, àmì títíkì búlúù á wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ̀ nípa àwòrán jù lọ lè yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò ní rí àbùkù kankan, torí pé àwòrán náà kò lábùkù. Orúkọ ló jẹ́ irọ́.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ rọrùn. Ẹ tẹ orúkọ tó wà lókè yẹn, ojú ìwé ẹni náà á ṣí, nọ́ńbà rẹ̀ á hàn lódindi, àti fọ́tò rẹ̀ bó bá fi síbẹ̀. Ẹ ya ìyẹn náà pẹ̀lú. Nọ́ńbà lódindi, pẹ̀lú kóòdù orílẹ̀-èdè rẹ̀, ni ohun tí a lè so mọ́ èèyàn: bóyá òun ni wọ́n kọ sára ìpolówó ọjà náà, bóyá òun ló fi ń pe àwọn ẹlòmíràn, bóyá orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ tẹlifóònù.

Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lójú òfin. Ní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Maryland nílẹ̀ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan tó dá lórí ojú ìwé MySpace tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà. Fọ́tò obìnrin tí wọ́n ní òun ló ni ojú ìwé náà wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ìyẹn nìkan kò tó, torí pé ẹlòmíràn lè ṣí ojú ìwé lórúkọ èèyàn, kí ó sì gbé fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n wá tọ́ka sí ọ̀nà tí wọn ì bá gbà fìdí rẹ̀ múlẹ̀: kí wọ́n bi obìnrin náà fúnra rẹ̀ bóyá òun ló kọ ọ́, kí wọ́n yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà. Ẹ wò ó pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú àwòrán náà fúnra rẹ̀. Òde àwòrán ni gbogbo wọn wà.

Ó kan ọjọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ láìmọ̀. Aago tó wà lókè fóònù sábà máa ń sọ wákàtí àti ìṣẹ́jú nìkan, kì í sọ ọjọ́. Aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Wásáàpù kọ̀ọ̀kan náà, wákàtí àti ìṣẹ́jú ló ń sọ. Ọjọ́ wà nínú àmì kékeré tó máa ń wà láàárín, lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àmì yẹn sì máa ń yí padà bí ọjọ́ ti ń lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ sọ̀rọ̀, `Today` ló máa jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, á di `Yesterday`. Lẹ́yìn ìyẹn, á di orúkọ ọjọ́ nínú ọ̀sẹ̀, bíi `Tuesday`. Ó di bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti kọjá kó tó di déètì lódindi, tọjọ́ toṣù tọdún.

Èyí túmọ̀ sí pé àwòrán tí ẹ yà lójú ẹsẹ̀, tí ọkàn yín balẹ̀ lé jù lọ, ni kì í ní ọjọ́ nínú rẹ̀ rárá. `Today` ti ọjọ́ 12 oṣù kẹta kò yàtọ̀ sí `Today` ti ọjọ́ Kérésìmesì. Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé kí ẹ má yà á lójú ẹsẹ̀, torí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sí yín lè pa á rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀ àti tiyín láàárín bí ọjọ́ méjì sí i. Ó lè ṣàtúnṣe sí i pẹ̀lú láàárín ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, `Edited` á sì wà lára rẹ̀. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa sọnù, àti ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí déètì bá ti jáde lódindi. Àwòrán méjèèjì á máa gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, torí ọ̀rọ̀ kan náà, aago kan náà ló wà nínú wọn, àmì ọjọ́ nìkan ló yàtọ̀, ó sì yàtọ̀ bó ṣe yẹ kó yàtọ̀.

Bí déètì àti orúkọ ọjọ́ bá jọ wà nínú àwòrán tí ẹlòmíràn gbé wá bá yín, ẹ ṣí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2024, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Bí ẹnì kan bá gbé àwòrán rìsíìtì wá tó ń pe ọjọ́ yẹn ní Ọjọ́rú, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń rántí yí nọ́ńbà padà, wọn kì í sábà rántí yí orúkọ ọjọ́.

Ìyàtọ̀ aago tún wà tí kì í ṣe irọ́, èyí tó ti dá ìjà tí kò yẹ sílẹ̀. Wásáàpù ń fi aago ibi tí fóònù rẹ wà hàn ọ́. Bí èèyàn méjì bá wà ní ilẹ̀ tí aago wọn kò dọ́gba, ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ aago 23:40 lórí fóònù ọ̀kan, kó sì jẹ́ 00:40 ọjọ́ kejì lórí fóònù èkejì. Wọ́n á gbé àwòrán méjì jáde, ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú á sì pe ẹnìkejì rẹ̀ ní onírọ́. Ẹ wo ìṣẹ́jú rẹ̀. Bí wákàtí bá yàtọ̀ ṣùgbọ́n tí ìṣẹ́jú bára mu, aago ilẹ̀ ló fa á. Àwọn ilẹ̀ díẹ̀ wà tí ìyàtọ̀ aago wọn ní ààbọ̀ wákàtí nínú, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, ìyàtọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lára gbogbo ọ̀rọ̀, látòkè délẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá fi wákàtí kan yàtọ̀ tí èkejì sì fi mẹ́ta yàtọ̀, a ní láti bèèrè.

Wàyí o, gígé. Mo mọ ìdí tí èèyàn fi ń gé àwòrán: ẹ kò fẹ́ kí wọ́n rí iye bátìrì yín tàbí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tó wà lókè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí àwòrán tí wọ́n gé á máa ronú nípa ohun tí wọ́n gé kúrò, kò sì jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ "ó dáa, mo gbà" lè jẹ́ ìdáhùn sí ohunkóhun. Ẹ ṣí ojú ìwé `Details` àwòrán náà nínú fóònù, ẹ ó rí ìwọ̀n rẹ̀. Bí ojú fóònù kan bá jẹ́ 1080 × 2400, gbogbo àwòrán odindi tó bá ti ibẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ iye yẹn gan-an. Èyí tó bá jẹ́ 1080 × 1130, wọ́n ti gé e. Kò túmọ̀ sí irọ́, ṣùgbọ́n odindi rẹ̀ wà níbì kan, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún un.

Bí ìtàkùrọ̀sọ bá gùn ju ojú fóònù kan lọ, ẹ jẹ́ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn á wà nínú méjèèjì, á sì dà bí ìgbà tí a fi aṣọ lé aṣọ ká tó rán an. Ẹni tó ń kà á á rí i pé kò sí ohun tó já sílẹ̀ láàárín. Èyí tó tún dára jù ú lọ ni kí ẹ ká ojú fóònù sílẹ̀ bíi fídíò: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo áàpù wà, ẹ ṣí Wásáàpù, ẹ ṣí ìtàkùrọ̀sọ náà, ẹ tẹ orúkọ kí nọ́ńbà hàn, kí ẹ wá rọra yí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fídíò náà ṣeé yí padà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti àwòrán kan lọ.

Ti owó ní ìṣòro tirẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni lè ṣí ojú ìwé báńkì rẹ̀, kó tẹ `Inspect`, kó sì yí iye owó tàbí orúkọ ẹni tó gbà á padà lójú ìwé náà. Kò dé inú báńkì rárá. Bó bá tún ojú ìwé náà ṣí, ohun gbogbo á padà sípò. Ṣùgbọ́n bó bá ti ya àwòrán kó tó tún un ṣí, àwòrán náà á pé pérépéré, torí lẹ́tà báńkì gan-an ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tó ń ta ọjà pé kó má fi ọjà sílẹ̀ torí àwòrán rìsíìtì, bó ti wù kó dán tó. Ẹ wo inú àkáǹtì yín fúnra yín.

Bákan náà, àwòrán lè jẹ́ òótọ́ kí owó má dé. Bí ojú rìsíìtì bá kọ `Pending` tàbí `Processing`, ohun tó ń sọ ni pé ẹ ti pàṣẹ kí owó lọ, kò sọ pé ó ti dé. Kódà èyí tó kọ `Successful` lè padà wá bí báńkì tó yẹ kó gbà á kò bá gbà á. Àwòrán tí ẹ yà ní aago méjì ọ̀sán kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́rin. Àkọsílẹ̀ àkáǹtì, èyí tí àwọn báńkì ń pè ní sitétímẹ́ǹtì, ló lè sọ ọ́, bó bá bo ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ san án, tí owó kò sì padà wọlé láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Kí wá ni àwòrán rìsíìtì wúlò fún? Nọ́ńbà ìtọ́kasí tó wà lára rẹ̀ ni. Òun ni nọ́ńbà gígùn tó máa ń wà nísàlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò, tí wọ́n tilẹ̀ máa ń gé kúrò kí àwòrán lè dára. Báńkì á fi nọ́ńbà yẹn wá owó náà jáde, á sì sọ ọjọ́ àti aago tó jáde, àti ibi tó lọ. Àwòrán tó ní nọ́ńbà yìí, iye owó, orúkọ ẹni tó gbà á, déètì lódindi àti aago, ó ti fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀nà tó máa gbà.

Síbẹ̀, báńkì kò lè sọ ìdí tí ẹ fi san owó. Ibi tí ọkùnrin onímáṣíìnì yẹn ti rí àyè sá gbà nìyí: owó dé, ó gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní gbèsè ni. Ohun méjì ló ń dí àyè yìí. Èkíní ni àlàfo kékeré tí áàpù báńkì máa ń fi sílẹ̀ kí ẹ kọ ohun tí owó wà fún. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò ó, tàbí kí wọ́n kọ "owó" síbẹ̀. Bí ẹ bá kọ "ìdajì owó máṣíìnì ìránṣọ, 12/3/2024", ọ̀rọ̀ yẹn á wọ inú àkọsílẹ̀ báńkì tiyín, ní ọ̀pọ̀ báńkì sì rèé, á hàn nínú ti ẹni tó gbà á pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó lè padà lọ yí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èkejì ni pé kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó gba owó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má kàn kọ "mo ti fi ránṣẹ́". Ọ̀rọ̀ tiyín nìyẹn. Ẹ bi í pé, "Ṣé ìdajì owó máṣíìnì náà ti wọlé, sà?" Bó bá dáhùn pé, "Ó ti wọlé, ẹ ṣeun," ó ti di ẹlẹ́rìí yín. Àwòrán tí ẹ ó yà ni èyí tí ìdáhùn yẹn wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn yíyà ni ìpamọ́, ibẹ̀ sì ni àwòrán tó dára ti máa ń bàjẹ́. Ní ọ̀pọ̀ fóònù Áńdírọ́ìdì, orúkọ tí fóònù ń fún fáìlì máa ń ní ọjọ́ àti aago nínú, bíi `Screenshot_20240312-141507.png`: ọdún 2024, oṣù kẹta, ọjọ́ 12, aago 14:15 àti ìṣẹ́jú àáyá 7. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù bí fọ́tò lásán, Wásáàpù á fún un pọ̀, á dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, á sì sọ ọ́ ní orúkọ tuntun, bíi `IMG-20240402-WA0007.jpg`. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin tó wà nínú orúkọ tuntun yẹn, ọjọ́ tí fọ́tò náà gba orí Wásáàpù ni, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ yà á. Mo ti rí ibi tí èèyàn ti ń fi orúkọ fáìlì yìí ta ko ara rẹ̀ láìmọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ yan `Document` dípò fọ́tò, fáìlì á lọ bó ṣe wà. Bí ẹ bá sì fẹ́ bo nọ́ńbà tàbí orúkọ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ fi dúdú bò. Ẹ má fọwọ́ kan èyí àkọ́kọ́.

Orúkọ fáìlì ṣeé yí padà, aago fóònù náà ṣeé yí padà. Ohun tí ẹ kò lè yí padà ni aago ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí ẹ ya àwòrán náà gan-an, ẹ so ó mọ́ ímeèlì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín tàbí, ó sàn jù, sí ẹni tí ẹ fọkàn tán. Bí ímeèlì bá ti ń kọjá, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ímeèlì kọ̀ọ̀kan tó gbà á máa ń kọ aago tirẹ̀ sí i lórí, ní ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Received:`. Ẹ lè má rí i lójú, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Nínú Gmail lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì róbótó kéékèèké mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ímeèlì náà, kí ẹ yan `Show original`, gbogbo rẹ̀ á jáde.

Ẹ jẹ́ kó yé wa ohun tí èyí fi hàn àti ohun tí kò fi hàn. Ó fi hàn pé fáìlì náà ti wà ní ọjọ́ yẹn, pé kì í ṣe lẹ́yìn tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ni ẹ lọ ṣe é. Kò fi hàn pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba yẹn tóbi, torí pé ẹ̀sùn tí wọ́n sábà máa fi kàn yín ni pé ẹ jókòó kọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Ta ló máa ṣe ayédèrú lọ́jọ́ 12 nítorí ìjà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ 30?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin wa. Ó ti di ọjọ́ 30, kò fi ímeèlì ránṣẹ́, ó gé àwòrán, kò kọ nǹkan kan sínú àlàfo báńkì. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ti wá ṣófo nìyẹn? Rárá. Àwòrán ló kù díẹ̀ káàtó, ìtàkùrọ̀sọ náà ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Ohun tó kàn ni kó má pa á rẹ́, kó má sì pààrọ̀ fóònù láìkọ́kọ́ ṣe àfipamọ́ Wásáàpù rẹ̀.

Ó ṣí i níwájú àwọn tó ń bá wọn parí ìjà. Àmì tó jẹ́ `Today` nínú àwòrán rẹ̀ ti di ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 2024 báyìí, fúnra rẹ̀. Ó tẹ "Bàbá Máṣíìnì", nọ́ńbà jáde, wọ́n sì rí i pé nọ́ńbà yẹn náà ni ọkùnrin náà fi pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó yan `Export chat` láti inú ìtàkùrọ̀sọ náà. Fáìlì tó jáde ní déètì àti aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀. Fáìlì yẹn ṣeé tún kọ bíi lẹ́tà èyíkéyìí, nítorí náà wọ́n fi wé ohun tó wà lójú fóònù, ìlà sí ìlà. Nínú gbogbo rẹ̀, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ gbèsè. Ó béèrè fún sitétímẹ́ǹtì ní báńkì, láti ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 30: owó jáde ní aago 14:12, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn tí ọkùnrin náà kọ "láàárín ọ̀sẹ̀ méjì" ní aago 14:09, kò sì padà wọlé.

Wọ́n wá sọ fún ọkùnrin náà pé kó ṣí ìtàkùrọ̀sọ kan náà lórí fóònù tirẹ̀. Ó ní òun ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì àti díẹ̀ tí Wásáàpù fún un láti fi pa á rẹ́ lórí fóònù obìnrin náà ti kọjá tipẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì wà lójú gbogbo wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ lókè.